Bí Ọ̀gá Ṣe Lè Kéde Àtúntò Iléeṣẹ́ Nínú Fídíò

Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti sọ òtẹ́ẹ̀lì di ahoro káàkiri ayé, Arne Sorenson, ọ̀gá àgbà Marriott ní Amẹ́ríkà, jókòó síwájú kámẹ́rà láti bá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Irun ti tán lórí rẹ̀ nítorí ìtọ́jú jẹjẹrẹ, àwọn tó yí i ká sì ń kọminú bóyá ó yẹ kó yọjú bẹ́ẹ̀. Orí náà gan-an ló kọ́kọ́ mẹ́nu kàn, kí ọkàn wọn lè balẹ̀.

Ìròyìn tó mú wá korò. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ọjà ti fi ìdá 75 nínú 100 wálẹ̀. Wọn yóò dín ọjọ́ iṣẹ́ àwọn kan kù, àwọn mìíràn yóò lọ jókòó sílé fúngbà díẹ̀. Nínú fídíò kan náà, ó ní òun àti Bill Marriott kò ní gba owó oṣù títí ọdún yóò fi parí, àti pé ìdajì ni àwọn ọ̀gá tó tẹ̀ lé wọn yóò máa gbà. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú mẹ́fà.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 2021, Vishal Garg ti Better.com pe nǹkan bí 900 òṣìṣẹ́ sí ìpàdé Zoom. Ó ní ẹni tó bá ti wà níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ti bọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó fi kún un pé nígbà tí òun ṣe irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, òun sunkún. Ó sọjú abẹ níkòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìròyìn tó yẹ kéèyàn gbọ́ lójúkojú ló dà lé 900 ènìyàn lórí pọ̀, ó sì tún gbé ẹkún tirẹ̀ síwájú tiwọn. Lẹ́yìn náà, ó tọrọ àforíjì.

Gbogbo òṣìṣẹ́ ni fídíò wà fún. Ká sọ pé iléeṣẹ́ kan fẹ́ da ẹ̀ka ìpínkiri ọjà rẹ̀ ní Ìkẹjà pọ̀ mọ́ ti Ìbàdàn. Ọ̀gá lè sọ pé:

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìròyìn tí mo mú wá kò dùn. Láti oṣù tó ń bọ̀, ẹ̀ka méjèèjì yóò di ọ̀kan. Nínú iṣẹ́ 60 tó wà níbẹ̀, 14 ni kò ní sí mọ́. Owó epo ọkọ̀ ti ju èrè wa lọ. Kì í ṣe ẹ̀bi yín. Èmi ni mo fọwọ́ sí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kó tó di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá ẹ̀ka yín yóò pe ẹnì kọ̀ọ̀kan yín, yóò sì sọ ibi tọ́rọ̀ rẹ̀ já sí àti iye tó máa gbà.”

Agogo mẹ́rin Ọjọ́bọ̀ yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó gbọ́ pé èèyàn 14 ń lọ kò ní sùn títí yóò fi mọ̀ bóyá òun wà lára wọn. Bí ọ̀gá bá ní “láìpẹ́”, àhesọ ni yóò gba ọ́fíìsì kan. Kó tó gbà á sílẹ̀, kó ka ìwé náà fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, kó wá bi í pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀, lọ́jọ́ wo. Bí onítọ̀hún kò bá lè dáhùn, kó tún un kọ.

Ẹyin ọ̀gá ní Nàìjíríà, ẹ má tan kámẹ́rà kí ẹ tó bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀. Abala 20 Òfin Iṣẹ́ ní kí ẹ sọ ìdí tí iṣẹ́ fi fẹ́ dínkù àti ibi tó máa dé fún ẹgbẹ́ náà tàbí aṣojú òṣìṣẹ́.