Kí Ló Dá Gbòǹgbò Dúró Nísàlẹ̀?

Bí àgbàdo bá ń rọ kíákíá nígbà tí òjò bá dá, tí ti oko kejì ṣì dúró ṣinṣin, kí a tó ra ajílẹ̀, ẹ jẹ́ kí a gbẹ́ kòtò.

Kòtò náà lè fẹ̀ tó mítà kan, kí ó jìn tó mítà kan àbọ̀. Ògiri tí oòrùn ń tàn sí ni a máa yẹ̀ wò. A kì í tẹ orí rẹ̀, a kì í sì í da erùpẹ̀ síbẹ̀, kí òkè rẹ̀ má baà kì. Ṣọ́bìrì máa ń mú ojú ògiri dán, kò sì ní jẹ́ kí a rí bí erùpẹ̀ ṣe ṣù. Nítorí náà, ṣóńṣó ọ̀bẹ ni a fi ń tú u díẹ̀díẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ibi tí àwọ̀, ìṣù tàbí líle bá ti yí padà ni ìpele mìíràn ti bẹ̀rẹ̀. A ó kọ bí ó ṣe jìn tó, a ó sì kọ irú ààlà tí ó jẹ́. Bí ìyípadà náà bá parí láàárín sẹ̀ǹtímítà 2, ààlà òjijì ni. Bí ó bá gbà ju 15 lọ, ìpele méjèèjì ń wọnú ara wọn ni. A ó tún wò ó bóyá ààlà náà tẹ́ pẹrẹsẹ tàbí ó ń lọ sókè sódò.

Ẹ jẹ́ kí a mú oko tí katakata ti ń ro fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti òkè dé sẹ̀ǹtímítà 18, erùpẹ̀ dúdú rírọ̀ ni, ó ṣù wẹ́wẹ́ bí èèpá gàrí. Ní 18, ààlà òjijì tó tẹ́ pẹrẹsẹ yọ. Láti ibẹ̀ dé 28, erùpẹ̀ ń ṣí ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, gbòǹgbò sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, amọ̀ pupa ṣù ní igun-igun, gbòǹgbò díẹ̀ tó rí ihò kọjá sì ń lọ sísàlẹ̀.

Ṣé yangí ni ìpele pẹlẹbẹ yìí? Líle nìkan kò lè sọ, nítorí amọ̀ gbígbẹ náà máa ń le. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ bóyá erùpẹ̀ gbẹ, ó tutù díẹ̀ tàbí ó rin gbindin, kí a tó kọ bí ó ṣe le tó. A ó fi omi tu ìṣù kan lára díẹ̀, a ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá tẹ̀ ẹ́: èyí gba agbára kí ó tó fọ́. A ó wá ri ìṣù gbígbẹ mìíràn sínú omi fún wákàtí kan. Yangí kò ní tú. Tiwa tú pátápátá.

Nítorí náà, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ohun ìtúlẹ̀ ló dí gbòǹgbò lọ́nà. Irin tó ń la ilẹ̀ kọjá sẹ̀ǹtímítà 28 lè ṣí i, bí a bá lò ó nígbà tí ilẹ̀ gbẹ. Bí ilẹ̀ bá rin, irin náà yóò kàn là á kọjá láìfọ́ ọ ni. Bí ó bá jẹ́ yangí ni, ohun ọ̀gbìn tí gbòǹgbò rẹ̀ kò jìn ni ilẹ̀ náà yóò gbà.