Àdánù Ọdún Àkọ́kọ́, Owó Orí Ọdún Karùn-ún

Orí èrè ni owó orí ilé-iṣẹ́ dúró lé ní Nàìjíríà. Lọ́dún tí èrè bá wà, ìjọba á gba ìpín tirẹ̀. Lọ́dún tí àdánù bá wáyé, ìjọba kì í kówó wá láti bá olówò ru ẹrù náà. Ohun tí òfin fàyè gbà ni kí ilé-iṣẹ́ kọ àdánù náà sílẹ̀, kí ó sì máa yọ ọ́ kúrò nínú èrè àwọn ọdún tó ń bọ̀ kí wọ́n tó ṣírò owó orí. Èyí ni gbígbé àdánù síwájú. Kì í ṣe owó ni olówò gbà lọ́wọ́ báyìí. Ẹ̀tọ́ ni, ẹ̀tọ́ ọ̀hún kò sì lè so èso títí èrè yóò fi dé.

Nígbà kan, ọdún 4 péré ni àdánù fi ń gbéṣẹ́. Bí ilé-iṣẹ́ kò bá rí èrè tó tó yọ ọ́ láàárín àsìkò yẹn, ó ti lọ nìyẹn. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí òfin owó orí ilé-iṣẹ́ ní ọdún 2007 mú gbèdéke yìí kúrò, òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2026 kò sì dá a padà. Àdánù lè máa tẹ̀ lé ilé-iṣẹ́ lọ títí yóò fi tán. Ṣùgbọ́n pé ẹ̀tọ́ kan kò ní ọjọ́ ìparí kò ní kí ó má dínkù níye. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ìṣirò ti ń ṣìnà.

Àpẹẹrẹ kan nìyí. Ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì tuntun kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ṣàgámù. Ní ọdún kìíní, ó ń san owó oṣù, ó ń ra dísẹ́ẹ̀lì, ó ń polówó ọjà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀, ó sì pàdánù mílíọ̀nù 200 náírà. Ní ọdún kejì, ó tún pàdánù mílíọ̀nù 120. Ọjà wá ń yá: èrè ọdún kẹta jẹ́ mílíọ̀nù 80, tọdún kẹrin 180, tọdún karùn-ún 260, tọdún kẹfà náà 260. Owó orí ilé-iṣẹ́ ńlá jẹ́ náírà 30 nínú 100 náírà èrè. Kí ìṣirò má baà díjú, ká fi ọ̀rọ̀ owó ẹ̀rọ sílẹ̀ ná. Yóò tó padà wá.

Ní ìparí ọdún kejì, àdánù tó wà nílẹ̀ ti di mílíọ̀nù 320. Nígbà tí èrè mílíọ̀nù 80 dé ní ọdún kẹta, àdánù gbé gbogbo rẹ̀ mì: owó orí jẹ́ òfo, àdánù sì ku 240. Ọdún kẹrin náà kọjá bẹ́ẹ̀. Èrè 180 wọlé, owó orí kò sí, àdánù ku 60. Ní ọdún karùn-ún, 60 yìí yọ kúrò nínú èrè 260, ó ku 200 tí owó orí lè kàn, owó orí rẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù 60. Láti ọdún kẹfà lọ, kò sí ààbò mọ́, owó orí di mílíọ̀nù 78.

Bí kò bá sí àǹfààní gbígbé àdánù síwájú, owó orí ọdún kẹta ìbá jẹ́ mílíọ̀nù 24, tọdún kẹrin 54, tọdún karùn-ún 78. Ohun tí ilé-iṣẹ́ náà fi pamọ́ jẹ́ 24 ní ọdún kẹta, 54 ní ọdún kẹrin, àti 18 ní ọdún karùn-ún. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 96, tí í ṣe 30 nínú 100 àdánù 320 gẹ́lẹ́. Ó wá dà bí ẹni pé ìjọba ti gba ìpín tirẹ̀ nínú àdánù náà tán pátápátá.

Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ọjọ́ tí owó dé ṣe pàtàkì bí iye rẹ̀. Ẹni tó lè fi owó rẹ̀ jèrè 20 nínú 100 lọ́dún kò lè ka náírà ọdún kẹta sí náírà òní. Ní ìwọ̀n yẹn, mílíọ̀nù 24 ti ọdún kẹta kò ju mílíọ̀nù 13.9 lọ lónìí. 54 ti ọdún kẹrin jẹ́ 26, 18 ti ọdún karùn-ún sì jẹ́ 7.2. Bí a bá ro wọ́n pọ̀, mílíọ̀nù 96 náà kò ju nǹkan bí 47 lọ. Ká ní ilé-iṣẹ́ náà rí ìrànwọ́ rẹ̀ gbà lọ́dún tí àdánù ṣẹlẹ̀ gan-an, ìyẹn 60 ní ọdún kìíní àti 36 ní ọdún kejì, iye rẹ̀ lónìí ìbá jẹ́ mílíọ̀nù 75. Dídúró nìkan ló jẹ mílíọ̀nù 28 tó wà láàárín méjèèjì. Ọ̀wọ́n gógó tún ń dá kún un, nítorí náírà tí wọ́n kọ sínú ìwé lọ́dún àdánù ni wọ́n máa yọ lọ́dún èrè; kò sí ẹni tí yóò bù sí i nítorí pé ọjà ti gbówó lórí.

Àwọn iye mẹ́ta yìí, òfo, 47 àti 75, ni a máa ń bá nínú ìwé ìṣirò tí àwọn ènìyàn ń gbé lọ sí báǹkì fún irú iṣẹ́ yìí. Ẹni tó kàn fi 30 nínú 100 sọ èrè di púpọ̀ lọ́dọọdún yóò rí owó orí tó ní àmì ìyọkúrò ní ọdún àdánù, bí ẹni pé ìjọba yóò kọ sọ̀wédowó fún un. Ẹni tó sì fi òdo rọ́pò gbogbo owó orí tó ní àmì ìyọkúrò gbàgbé àdánù náà pátápátá, ó ń san owó orí láti ọdún kẹta tí kò yẹ kó san. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí ìwé ìṣirò ní ìlà kan tó ń rántí iye àdánù tó kù. Bí èrè bá wà ní ìlà 3, tí àdánù tó kù wà ní ìlà 5, tí àdánù tí a lò wà ní ìlà 6, tí òpó B jẹ́ ọdún tó kọjá tí C sì jẹ́ ọdún yìí, ìlà 6, 5 àti owó orí yóò rí báyìí ní títẹ̀lé ara wọn:

```
=MIN(B5, MAX(0, C3))
=B5 + MAX(0, -C3) - C6
=30% * (MAX(0, C3) - C6)
```

Ó rọrùn láti dá ìwé tó ṣìnà mọ̀. Kí a wo ìlà owó orí ní ọdún àdánù: bí nǹkan kan bá wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí òdo, ìwé náà ń retí owó tí kò ní dé. Kí a sì wo ọdún èrè àkọ́kọ́: bí owó orí bá ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, àdánù ti bọ́ sọ nù lọ́nà.

Ibì kan wà tí 75 yẹn kì í ti í ṣe àṣìṣe. Bí ó bá jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ àtijọ́ kan tó ti ń ṣe bísíkíìtì, tó sì ń jèrè dáadáa, ló dá ẹ̀ka Ṣàgámù sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ ara rẹ̀, òwò kan náà ni. Ìnáwó ẹ̀ka tuntun yóò dín èrè ti àtijọ́ kù lọ́dún kan náà, owó orí yóò sì wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn onílé-iṣẹ́ kan náà bá forúkọ ilé-iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ fún Ṣàgámù, àdánù di ti ẹni tuntun yẹn nìkan. Ẹni tuntun kò lè gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n tún fi òté lé e pé òwò tí àdánù ti ṣẹlẹ̀ ni èrè tí a óò yọ ọ́ nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wá, nítorí náà fífi àdánù bísíkíìtì sábẹ́ èrè ilé tí a fi rẹ́ǹtì kò ní lọ. Ìdí rere lè wà fún dídá ilé-iṣẹ́ tuntun sílẹ̀, bíi kí gbèsè rẹ̀ má baà kan ti àtijọ́, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 28 yẹn yẹ kó wà lórí tábìlì nígbà tí wọ́n bá ń pinnu.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tilẹ̀ há ọwọ́ ju báyìí lọ. Ní Amẹ́ríkà, àdánù tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2017 kò lè yọ ju 80 nínú 100 èrè ọdún kan lọ. Ká ní Amẹ́ríkà ni ilé-iṣẹ́ wa wà, 64 nínú èrè 80 ọdún kẹta ni àdánù ìbá bò, owó orí ìbá sì kan 16 tó kù, nígbà tí àdánù 256 ṣì wà nílẹ̀. Ní Britain, láti oṣù Kẹrin 2017, àdánù lè bo èrè mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn lọ́dún láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n ìdajì péré ni ó lè bò nínú èyí tó bá lé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú àdánù inú ìwé owó ọdọọdún kó sì pè é ní àdánù owó orí. Akáúńtáǹtì máa ń yọ owó gbígbó ẹ̀rọ; òfin owó orí kò gbà á. Ẹ̀dínwó tí òfin fúnra rẹ̀ fi sílẹ̀ fún ẹ̀rọ àti ilé ni ó ń lò dípò rẹ̀, ní Nàìjíríà sì rèé, ẹ̀dínwó yìí kò sí lára àdánù. Ó ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀, òun náà a sì máa sún síwájú bí kò bá sí èrè tí a lè lò ó sí. Àdánù ló máa ń kọ́kọ́ yọ, ẹ̀dínwó ẹ̀rọ a wá tẹ̀ lé e. Ìdí nìyí tí àdánù ńlá fi ń sún ẹ̀dínwó náà jìnnà: ní Ṣàgámù, kò sí àyè fún un títí di ọdún karùn-ún. Ẹni tó bá kó méjèèjì pọ̀ sínú ìlà kan lè ka nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀.

Ìgbà mìíràn wà tí ẹ̀tọ́ náà kò ní níye rárá. Bí iṣẹ́ bá kógbá sílé ní ọdún kẹrin, mílíọ̀nù 60 tó kù kò ní èrè tí yóò bò mọ́. Ilé-iṣẹ́ kékeré tí òfin ti yọ sílẹ̀ nínú owó orí kò sì jèrè ohunkóhun nínú rẹ̀. Nítorí bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń díwọ̀n iṣẹ́ tó léwu kò gbọ́dọ̀ ka 47 yẹn sí owó tó dájú tó ìwé owó ìjọba. Bí èrè bá pẹ́ ọdún méjì kó tó dé, òun náà yóò pẹ́ ọdún méjì.

Ewu tó máa ń bá àwọn alákòóso lójijì ni ti ọjọ́ tí àdánù bá tán. Ní ọdún kẹrin, gbogbo mílíọ̀nù 180 ló kù sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́. Ní ọdún kẹfà, èrè ti di 260, ṣùgbọ́n lẹ́yìn owó orí, 182 ló kù. Ká ní èrè dúró sí 180 láìpọ̀ sí i ni, ohun tó máa kù lẹ́yìn tí àdánù bá tán kò ní ju 126 lọ. Báǹkì tó fi owó ọdún kẹrin díwọ̀n iye tí ilé-iṣẹ́ lè máa san padà lórí gbèsè yóò rí i pé owó náà kò tó mọ́, bẹ́ẹ̀ òwò kò bàjẹ́. Oṣù 6 lẹ́yìn òpin ọdún ìṣirò ni ilé-iṣẹ́ ní láti fi kó ìwé owó orí rẹ̀ lọ, nítorí náà owó orí ọdún karùn-ún yóò jáde ní ọdún kẹfà, tọdún kẹfà yóò sì jáde ní ọdún keje. Ìwé ìṣirò tó bá fẹ́ péye gbọ́dọ̀ sún ìlà owó orí síwájú ní ọdún kan, kí àyè ìmí tí ilé-iṣẹ́ ní àti ọjọ́ tí yóò tán lè hàn níbi tí wọ́n wà gan-an.