Ta Ni Kí Ó Di Owó Ogún Ọmọdé Mú?

Bí bàbá kan bá kú l'Ékòó láìkọ ìwé ìhágún, tó sì fi owó sílẹ̀ ní bánkì, ohun tí mọ̀lẹ́bí sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé orúkọ ta ló wà nínú fọ́ọ̀mù bánkì rẹ̀. Ẹni tí orúkọ bá bọ́ sí lára á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ajogún. Irọ́ ni. Ẹni tí bánkì lè kàn sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lásán ni. Fọ́ọ̀mù kò sọ ọ́ di olówó.

Ẹ jẹ́ ká fi ìdílé kan ṣàpẹẹrẹ. Bàbá fẹ́ ìyàwó kan ní ìlànà ìbílẹ̀, ó sì bí ọmọ mẹ́ta: àkọ́bí jẹ́ ẹni ọdún 24, àwọn àbúrò rẹ̀ jẹ́ 14 àti 9. Lẹ́yìn tí wọ́n san gbèsè àti owó ìsìnkú tán, mílíọ̀nù 12 náírà ló kù. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní mílíọ̀nù mẹ́rin. Dáwódù lè gba tirẹ̀. Ta ni kí ó wá di mílíọ̀nù mẹ́jọ tó jẹ́ ti àwọn àbúrò rẹ̀ mú?

Ẹni tí Ilé Ẹjọ́ Gíga bá fún ní ìwé àṣẹ ni, láti ọ́fíìsì tí gbogbo èèyàn ń pè ní Próbéètì. Níbi tí ọmọdé bá wà lára àwọn ajogún, òfin Èkó kò fẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo dá ṣe alábòójútó. Wọ́n gbọ́dọ̀ tó méjì, wọn kò sì gbọdọ̀ ju mẹ́rin lọ. Nínú ìdílé wa yìí, ìyá àti dáwódù lè jọ gbà á. Bí mọ̀lẹ́bí bá ń jà, tí kò sẹ́ni tó fọkàn tán ẹnì kejì, ọ́fíìsì ìjọba kan wà l'Ékòó tó ń bójú tó irú ogún bẹ́ẹ̀. Ó lọ́ra díẹ̀, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ọn ju àbúrò bàbá tó ń pariwo lọ.

Kí ìwé tó jáde, àwọn alábòójútó á kọ gbogbo ohun tí olóògbé fi sílẹ̀, wọ́n á búra, wọ́n á sì mú oníduro wá. Oníduro kì í ṣe ẹlẹ́rìí lásán o. Bí owó bá sọnù lọ́wọ́ alábòójútó, kóòtù lè ní kí òun náà san án. Lẹ́yìn ìyẹn ni bánkì á ṣí àkáǹtì ní orúkọ ogún olóògbé, tí ẹni méjèèjì á jọ máa fọwọ́ sí i. Owó ọmọ kò gbọdọ̀ wọ inú àkáǹtì alábòójútó fúnra rẹ̀, kódà fún ọ̀sẹ̀ kan.

Àwọn alábòójútó yóò máa mú ìṣirò wá sí kóòtù. Ẹ wo ìṣirò ọdún kan. Mílíọ̀nù mẹ́jọ ló wà nílẹ̀, èlé bánkì jẹ́ ₦640,000. Owó ilé ìwé ọmọ méjèèjì jẹ́ ₦900,000, ti ilé ìwòsàn jẹ́ ₦85,000, rìsíìtì wọn sì wà níbẹ̀. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ìlà méjì tún wà nísàlẹ̀: "Àyájọ́ ọdún kan bàbá, ₦1,200,000" àti "Àyálò fún alábòójútó, ₦1,500,000". Adájọ́ tó bá ka ìyẹn kò ní gbójú fò ó. Owó ìsìnkú tó mọ níwọ̀n máa ń jáde láti inú ogún kí a tó pín in, àmọ́ aṣọ ẹbí àti jálọ́ọ̀fù àyájọ́ kì í jáde láti inú ìpín ọmọ. Alábòójútó kò sì gbọdọ̀ yá ara rẹ̀ lówó, bó tilẹ̀ fẹ́ san án padà pẹ̀lú èlé. Ìdí nìyẹn tí ₦4,955,000 fi kù níbi tó yẹ kí ₦7,655,000 wà.

Bí wọ́n bá gbé irú ẹjọ́ yìí wá, kóòtù lè ti àkáǹtì náà pa, kí ó gba ìwé àṣẹ padà, kí ó fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, kí ó sì ní kí ẹni tó jẹ owó san án láti àpò ara rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni pé kóòtù kì í wá kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Bí ìṣirò kò bá dé tí ẹnikẹ́ni kò sì ráhùn, fáìlì á kàn dùbúlẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù ni. Ọmọ ọdún 9 kò lè pe ẹjọ́ fúnra rẹ̀. Àgbàlagbà kan ló gbọ́dọ̀ dúró fún un, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí ẹlòmíràn tí kò ní ohun tó ń jẹ nínú owó náà. Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ ta á lólobó ni kí àwọn alábòójútó má fẹ́ fi ìwé bánkì han ara wọn, tàbí kí wọ́n máa lé ọmọ kúrò nílé ìwé nítorí owó nígbà tí owó wà ní àkáǹtì.

Ẹ lọ sí Próbéètì, kí ẹ ní kí wọ́n wá fáìlì olóògbé náà, kí ẹ sì gba ẹ̀dà ìwé àṣẹ tó ní òǹtẹ̀ kóòtù. Ẹ ó rí orúkọ àwọn tó fọwọ́ sí i níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí lọ́yà bá yín bẹ kóòtù pé kí wọ́n mú ìṣirò wá. Ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí ọmọ yóò pé ọdún 18, nítorí ó lè jẹ́ pé ìwé ni yóò bá, kì í ṣe owó.