Ìwọ̀n Ilẹ̀ Tàbí Kíka Ìlà: Táìsì Mélòó Ni Yàrá Yín Máa Gbà?

Ìṣirò kan wà tó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń ta táìsì. Wọ́n á ní kí ẹ wọn òró yàrá àti ìbú rẹ̀, kí ẹ fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, kí ẹ pín in pẹ̀lú ìwọ̀n táìsì kan, kí ẹ wá fi ìdá 10 nínú 100 lé e nítorí èyí tí wọ́n máa gé àti èyí tó máa fọ́. Ìṣirò kejì gba sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Táìlà á ya yàrá sórí ìwé, á ka iye táìsì tó máa wà ní ìlà kan, á ka iye ìlà, á sì wo ohun tí ègé tó ṣẹ́kù lè ṣe. Bí táìsì bá ti tóbi, èkejì yìí ni mo fara mọ́. Ẹ jẹ́ ká fi yàrá méjì tí ìwọ̀n ilẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba wò ó, kí táìsì yàrá méjèèjì jẹ́ 60 sí 60 sẹ̀ńtímítà, mẹ́rin nínú páálí.

Yàrá àkọ́kọ́ jẹ́ mítà 3.65 ní òró àti ní ìbú, ìyẹn yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 tí gbogbo wa mọ̀. Ìwọ̀n ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sìkúwíà mítà 13.32. Táìsì kan gba 0.36, nítorí náà táìsì 37 ló bọ́ sí i. Ẹ fi ìdá 10 lé e, ó di 41. Páálí 11 lẹ máa rà, táìsì 44 sì ni yóò wọlé.

Ẹ wá ka ìlà. Táìsì mẹ́fà gba nǹkan bíi mítà 3.61 pẹ̀lú àlàfo mílímítà méjì láàárín wọn. Ohun tó kù lẹ́bàá ògiri kò tó sẹ̀ńtímítà mẹ́rin. Ègé tínrín bẹ́ẹ̀ máa ń fọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ ìgétáìsì, bí ògiri ò bá sì tọ́, yóò gbòòrò níbì kan, yóò há níbòmíràn, ojú á sì rí i. Ẹni tó bá gbà á bẹ́ẹ̀, táìsì 41 lè tó o. Táìlà tó mọṣẹ́ kò ní gbà. Yóò bẹ̀rẹ̀ láti àárín yàrá, táìsì odindi márùn-ún ní ìlà kan, kí ègé bíi sẹ̀ńtímítà 32 wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Táìsì kan kò lè mú ègé 32 méjì jáde, torí pé 64 ju 60 lọ. Ègé kọ̀ọ̀kan ti gba táìsì tirẹ̀ nìyẹn. Méje ní ìlà kan, ìlà méje: táìsì 49. Páálí 11 ti jẹ́ kí táìsì márùn-ún ṣẹ́kù sí ọjà, ọ̀kan kò sì tíì fọ́.

Yàrá kejì jẹ́ mítà 3.30 sí 3.90, sìkúwíà mítà 12.87. Níbí, odindi márùn-ún wọ ìbú, mẹ́fà wọ òró, ohun tó kù ní apá méjèèjì sì jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 29, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì táìsì. Táìsì kan ń mú méjì jáde. Odindi 30, táìsì mẹ́fà fún gbogbo ègé, àròpọ̀ 36, iye kan náà tí ìwọ̀n ilẹ̀ sọ. Ìdá 10 tí wọ́n fi lé e wá jẹ́ àṣẹ́kù gidi fún èyí tó bá fọ́.

Sẹ̀ńtímítà 35 péré ni ìbú méjèèjì fi yàtọ̀ síra, táìsì 13 ló sì dá sílẹ̀.

Àmọ́ ègé tí ẹ rò pé ó ṣòfò ní yàrá àkọ́kọ́ kò ṣòfò. Táìsì ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n gé ń ṣẹ́ ègé bíi sẹ̀ńtímítà 28 sí 60 kù. Ẹ gé sẹ̀ńtímítà mẹ́wàá níbi tí etí ilé iṣẹ́ ṣì wà, sìkátíìn ẹsẹ̀ ògiri nìyẹn. Táìsì ẹ̀gbẹ́ jẹ́ 24, ògiri yàrá náà lẹ́yìn tí a bá yọ ẹnu ọ̀nà sì ń fẹ́ ègé 23. Yàrá kejì kò ní irú ègé bẹ́ẹ̀. Yóò ra táìsì bíi márùn-ún sí i fún sìkátíìn, ìṣirò ìwọ̀n ilẹ̀ kì í sì í rántí ìyẹn.

Fún táìsì kékeré, 30 sí 30, ìwọ̀n ilẹ̀ pẹ̀lú ìdá 10 sábà máa ń tó, torí ègé ẹ̀gbẹ́ kò gbé púpọ̀ lọ. Bí wọ́n bá máa lẹ̀ ẹ́ ní ìdàbú, ẹ sọ ìdá 10 di 15. Ṣùgbọ́n fún 60 sí 60, ẹ wọn yàrá ní ibi mẹ́ta, ẹ mú èyí tó gùn jù, kí ẹ ní kí táìlà ya ìlà fún yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Kí ẹ ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí nọ́ńbà ìpele tí wọ́n tẹ̀ sára páálí bára mu, torí táìsì márùn-ún tí ẹ bá padà lọ rà lóṣù tó ń bọ̀ lè má bá àwọ̀ èyí tó wà nílẹ̀ mu.