Nígbà tí ‘a ó gbìyànjú’ bá dé etí òyìnbó: Bí àbọ̀ ọ̀rọ̀ ṣe ń dá wàhálà sílẹ̀ láàárín àwọn òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ní alẹ́ ọjọ́ 25, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1990, ọkọ̀ òfuurufú Avianca kan tó gbéra láti orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà já lulẹ̀ nítòsí ìlú Niu Yọọki. Ènìyàn 73 ló kú nínú àwọn 158 tó wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ rẹ̀ bàjẹ́, epo ló tán nínú rẹ̀. Ojú ọjọ́ kò dára lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì ti dá ọkọ̀ ọ̀hún dúró lójú sánmà fún ìṣẹ́jú 77 lápapọ̀ kí wọ́n tó fún un láyè láti balẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbìyànjú, kò rí ilẹ̀ bà lé. Ọ̀gá awakọ̀ wá sọ fún igbákejì rẹ̀ pé kó sọ fún àwọn tó ń darí ọkọ̀ láti ilẹ̀ pé inú ewu ni àwọn wà. Ohun tí igbákejì sọ fún wọn ni pé àwọn yóò tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, àti pé epo àwọn ti ń tán lọ. Nígbà tí wọ́n bi í bóyá ibi tí wọ́n fẹ́ darí rẹ̀ gbà kò ní pa epo rẹ̀ lára, ó ní òun rò pé kò burú, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Àwọn tó ṣèwádìí ìjàm̀bá náà kò yọ àwọn awakọ̀ sílẹ̀ lórí bí wọn kò ṣe bójú tó epo wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n tún kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn awakọ̀ náà kò sọ fún àwọn tó wà nílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti di pàjáwìrì. Ẹni tó ń darí ọkọ̀ òfuurufú mọ̀ pé gbogbo ọkọ̀ tó bá ti fẹ́ balẹ̀ ni epo rẹ̀ ti ń tán lọ. Ohun tó yẹ kó ta á jí ni ọ̀rọ̀ ‘pàjáwìrì’, ọ̀rọ̀ náà ni kò sì gbọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ òwe tó ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Ní ọdún 1976, Edward T. Hall, ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, gbé ìwé kan jáde tó ṣàlàyé irú nǹkan yìí. Ó ní àwọn ènìyàn kan wà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wọn wà nínú ẹni tó ń sọ ọ́, ipò rẹ̀, ìgbà tó sọ ọ́, àti ohun tó dákẹ́ lé. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé inú ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu gan-an ni ìtumọ̀ wà. Ó ka àwọn ará Jàpáànì mọ́ àwọn ti àkọ́kọ́, ó sì ka àwọn ará Jámánì mọ́ àwọn ti kejì. Bí a bá pe ti àkọ́kọ́ ní àṣà àbọ̀ ọ̀rọ̀, tí a sì pe èkejì ní àṣà odindi ọ̀rọ̀, a kò ṣìnà. Àwọn kan ti bá Hall wí pé kò fi ìwọ̀n kankan hàn, òótọ́ sì ni. Kò sí orílẹ̀-èdè tí gbogbo ọmọ rẹ̀ rí bákan náà.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí ibi iṣẹ́. Ká ní obìnrin kan wà ní Ìkẹjà tó ń bá ilé-iṣẹ́ kan ní Jámánì ṣe ìṣirò owó láti orí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá rẹ̀ kọ̀wé sí i pé: ‘Ṣé ìṣirò oṣù tó kọjá yóò wà nílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì?’ Obìnrin yìí mọ̀ pé báńkì kò tíì fi ìwé tí òun nílò ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n kó kọjú sí ọ̀gá kó ní ‘rárá’ kò bá ẹ̀kọ́ ilé mu. Ó wá dáhùn pé: ‘Ẹ ṣeun, sà. Báńkì ṣì ń dá wa dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n a ó gbìyànjú, lágbára Ọlọ́run.’ Yorùbá tó bá ka èsì yìí ti mọ̀ pé ọjọ́ Ẹtì kò dájú. Ọ̀gá ní tirẹ̀ wá ‘rárá’ nínú rẹ̀, kò rí i, ó sì kọ ọjọ́ Ẹtì sínú ìwé rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ náà pé tí kò rí nǹkan kan, ó gbà pé obìnrin náà kì í mú ìlérí ṣẹ. Bẹ́ẹ̀, lójú obìnrin náà, òun ti sọ ọ́ láti ọjọ́ Ajé.

Ìwé tí ọ̀gá kọ padà tún wá dá kún un: ‘Ìṣirò náà kò dé. Mo fẹ́ ẹ lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́wàá àárọ̀.’ Kò kí i, kò béèrè àlàáfíà rẹ̀. Oorun kò kun obìnrin náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ti gbà pé iṣẹ́ ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun. Àmọ́ ohun tí ọ̀gá kọ náà ni ohun tó fẹ́ sọ, kò fi ohunkóhun pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Lójú tèmi, àṣìṣe yìí ló ń dun àwọn ènìyàn wa jù, nítorí a máa ń wá àbọ̀ yòókù níbi tí kò ti sí.

Ẹnì kan lè rò pé bí obìnrin yìí bá lọ bá àwọn ará Jàpáànì ṣòwò, ara á tù ú, nítorí pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni àwọn náà ń sọ. Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan tún lè le sí. Bó bá dá iye kan lé iṣẹ́, tí oníbàárà náà fa èémí sínú láàárín eyín, tó dákẹ́ díẹ̀, tó wá ní ‘ó le díẹ̀’, ‘rárá’ ló sábà máa ń jẹ́ lọ́hùn-ún. Lọ́jà tiwa, ẹni tó ní ‘ó le díẹ̀’ ń retí kí o dín owó tàbí kí o bẹ òun ni. Bí obìnrin náà bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, ńṣe ló ń fipá mú ẹni tó ti dá a lóhùn láti fẹnu sọ ohun tó ń sá fún. ‘A ó gbé e yẹ̀ wò’ náà rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá nífẹ̀ẹ́ sí i lóòótọ́, ìbéèrè yóò tẹ̀lé e, nípa ọjọ́, nípa iye, nípa ẹni tí yóò ṣe é. Bí kò bá sí ìbéèrè kankan, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ ti parí.

‘Bẹ́ẹ̀ ni’ fúnra rẹ̀ lè tanni jẹ. Ará Jàpáànì tó ń wí ‘hai, hai’ bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ ń fi yé yín pé òun ń gbọ́ ni, kò tíì sọ pé òun gbà. Bí a bá sì bi Yorùbá pé ‘Ṣé owó náà kò tíì dé ni?’, tó bá ní ‘bẹ́ẹ̀ ni’, a mọ̀ pé owó kò tíì dé. Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi ‘rárá’ dáhùn níbẹ̀. Ọmọ wa tó bá fi ‘bẹ́ẹ̀ ni’ dá òyìnbó lóhùn lórí tẹlifóònù lè ti fi yé e pé owó ti wọlé.

Nítorí náà, ọ̀gá tó mọ irú iṣẹ́ yìí kì í béèrè pé ‘ṣé yóò wà nílẹ̀?’ Ohun tó ń béèrè ni pé: ‘Kí ló kù, ọwọ́ ta ló wà, ọjọ́ mélòó ni yóò gbà?’ Obìnrin Ìkẹjà yẹn ìbá dáhùn láìfojú tín-ín-rín ẹnikẹ́ni pé ìwé báńkì ló kù, pé Ọjọ́rú ni wọ́n ṣèlérí rẹ̀, àti pé òun nílò ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà. Ọ̀gá á ka ọjọ́ náà fúnra rẹ̀, á sì rí i pé ọjọ́ Ẹtì ti kọjá. Ó tún dára kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá fẹnu kò lé lórí sílẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé. Àmọ́ níbi tí ọ̀rọ̀ ẹnu ti tó fún àdéhùn, ẹni tó sáré lọ kọ ọ́ sílẹ̀ dà bí ẹni tí kò fọkàn tán ẹnì kejì. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti yẹ kí ọ̀gá sọ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún gbogbo ènìyàn nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ̀.

Àwọn awakọ̀ òfuurufú ti wá ojútùú sí tiwọn. Láti ọdún 2012, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìrìn-àjò òfuurufú ti ní gbólóhùn méjì pàtó tí awakọ̀ ń lò lórí ọ̀rọ̀ epo. Ọ̀kan túmọ̀ sí pé epo òun kò gba ìdádúró mọ́, ṣùgbọ́n kò tíì di pàjáwìrì. Èkejì, tí wọ́n ń fi igbe ‘méédéè’ lẹ́ẹ̀mẹta ṣíwájú rẹ̀, túmọ̀ sí pé epo tí yóò kù nígbà tí òun bá balẹ̀ yóò dín sí iye tí òfin là sílẹ̀. Kò sí ‘a ó gbìyànjú’ láàárín méjèèjì.