Ìlà Wo Ló Wà Lábẹ́ Ìlà Wo?

Ní kíláàsì yunifásítì lónìí, bí olùkọ́ bá ti gbé síláìdì tuntun sójú ògiri, fóònù ló máa ń yọ lápò. Kálukú á ya fọ́tò tirẹ̀, á ní òun á dà á kọ tóun bá délé. Ilé yẹn ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kíka ọ̀rọ̀ inú fọ́tò náà kì í sábà le. Ohun tó le ni mímọ ìlà tó jẹ́ ọmọ àti èyí tó jẹ́ òbí rẹ̀, torí pé lórí síláìdì, ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀ lápá òsì wà lára ohun tí olùkọ́ fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ ká mú síláìdì kan tó dá lórí fáwẹ̀lì, irú èyí tí wọ́n ń lò ní kíláàsì ìmọ̀ ẹ̀dá èdè. Ẹni tó kánjú dà á kọ á gbé e kalẹ̀ báyìí:

```
Fáwẹ̀lì Yorùbá Àjùmọ̀lò
Àìránmúpè
Iwájú: i, e, ẹ
Àárín: a, òun ni ẹnu ń là
fún jù
Ẹ̀yìn
o, ọ
u
kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀
Àránmúpè
in, un, ẹn, an/ọn
kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀
```

Kò sí ọ̀rọ̀ tó sọnù níbẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀kọ́ ti sọnù. Ta ni kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀? Bó bá jẹ́ gbogbo fáwẹ̀lì ẹ̀yìn ni, kí la fẹ́ ti owó àti ọmọ sí? Ohun tí olùkọ́ ń sọ ni pé u nìkan ni kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò. (Àwọn Èkìtì tó ń pe ilé ní ulé kò sí nínú ẹjọ́ yìí.) Nísàlẹ̀, gbólóhùn kan náà tún jáde, àmọ́ gbogbo fáwẹ̀lì àránmúpè ló ń bá wí níbẹ̀. Ìlà méjì tí ọ̀rọ̀ wọn dọ́gba pátápátá ni, ipò tí wọ́n wà ló ya ìtumọ̀ wọn.

Báwo la ṣe ń mọ ipò yìí nínú fọ́tò? Ọ̀pọ̀ èèyàn á kọ́kọ́ wo àmì tó ṣáájú ìlà, ibẹ̀ gan-an ló sì ti ń ṣini lọ́nà. Nínú àwọn àpẹẹrẹ síláìdì àtijọ́ ti PowerPoint, àmì róbótó ló máa ń wà níwájú ìpele kìíní, dáàṣì kékeré wà níwájú ìkejì, àmì róbótó sì tún padà wá níwájú ìkẹta. Ẹni tó bá ń fi àmì nìkan ṣòdiwọ̀n á rí àmì róbótó níwájú “o, ọ”, á sì sọ ọ́ di ẹgbẹ́ “Àìránmúpè”. Láti bí ọdún 2013 ni àpẹẹrẹ tí PowerPoint fi ń bẹ̀rẹ̀ ti ń lo àmì róbótó fún gbogbo ìpele. Níbẹ̀, àmì ò sọ nǹkan kan fún wa mọ́.

Ìwọ̀n lẹ́tà ló kù. Nínú àpẹẹrẹ tuntun yẹn, ìpele kìíní jẹ́ 28, ìkejì 24, ìkẹta 20. Bí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ jù, ẹ̀rọ lè fún gbogbo rẹ̀ kéré kó lè gba ojú síláìdì, ṣùgbọ́n ti òkè á ṣì máa tóbi ju ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Tí ẹ bá fẹ́ wọn ìlà méjì wò, ẹ wá lẹ́tà kan náà nínú méjèèjì, bí i k, kí ẹ fi gíga wọn wéra.

Àlàfo apá òsì ló dájú jù lọ, bí fọ́tò bá gún. Ó ṣe ni láàánú pé fọ́tò kíláàsì kì í gún. Ẹni tó jókòó sápá ọ̀tún kíláàsì jìnnà sí apá òsì ògiri, nítorí náà apá òsì síláìdì á kéré nínú fọ́tò rẹ̀, àlàfo tó wà láàárín ìpele kan sí èkejì á sì fún pọ̀. Bí fóònù bá tún dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, etí òsì ọ̀rọ̀ á dagun, tí “Àránmúpè” nísàlẹ̀ á fi bá “Iwájú” lókè dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ìpele wọn kì í ṣe ọ̀kan. Nítorí náà, ẹ má fi etí fọ́tò ṣòdiwọ̀n. Ẹ wá ìlà méjì tí ó dá yín lójú pé ìpele kìíní ni wọ́n, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, kí ẹ fi etí bébà so àmì iwájú wọn pọ̀ lójú fóònù. Ìlà dídagun yẹn ni etí tòótọ́. Láti ara rẹ̀ ni kí ẹ ti wo bí ìlà tó kù ṣe wọlé tó.

Ìlà tí kò ní àmì kankan níwájú ńkọ́? “Fún jù” jẹ́ ọ̀kan. Ìlà “Àárín” ló gùn jù tó sì ṣẹ́ wálẹ̀. Ẹ á rí i pé f inú “fún” bọ́ sábẹ́ À inú “Àárín”, kò bọ́ sábẹ́ àmì. Ẹ so ó mọ́ ìlà òkè rẹ̀. Àmọ́ nígbà mìíràn olùkọ́ fúnra rẹ̀ ló ṣẹ́ ìlà pẹ̀lú Shift+Enter, ojú kan náà ni yóò sì ní. Ẹ wo apá ọ̀tún: bí àyè tó lè gba ọ̀rọ̀ tó kàn bá ṣẹ́ kù lórí ìlà òkè, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ́ ẹ ni, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Síláìdì Yorùbá tún ní ìyọnu tirẹ̀: àmì abẹ́ lẹ́tà. Láti ẹ̀yìn kíláàsì, ìyẹn ló ń kọ́kọ́ pòórá. Nínú fọ́tò, “i, e, ẹ” lè di “i, e, e”. Èyí rọrùn láti tún ṣe, torí pé kò sẹ́ni tó ń to lẹ́tà kan náà lẹ́ẹ̀mejì, àti pé bí ẹnu ṣe ń là sí i ni wọ́n fi tò wọ́n, ẹ ló sì gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí “oko” láìsí ohun tó yí i ká, ẹ fẹ fọ́tò náà títí lẹ́tà á fi gba ojú fóònù. Àmì tó wà níbẹ̀ á fi ẹ̀ẹ́rí díẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ lẹ́tà. Ẹ fi í wé o mìíràn tó dájú pé kò ní àmì. Bí wọ́n bá fàlà sábẹ́ àkọlé, ìlà náà lè ti gbé gbogbo àmì mì.

Tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, Tab ń rọ ìlà wọlé ní ìpele kan, Shift+Tab ń fà á jáde. Èyí tó tọ̀nà rè é:

```
Fáwẹ̀lì Yorùbá Àjùmọ̀lò
- Àìránmúpè
  - Iwájú: i, e, ẹ
  - Àárín: a, òun ni ẹnu ń là fún jù
  - Ẹ̀yìn
    - o, ọ
    - u
      - kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀
- Àránmúpè
  - in, un, ẹn, an/ọn
  - kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀
```

Ìpele mẹ́rin ti pọ̀ jù fún síláìdì kan, lójú tèmi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ adàwékọ kọ́ ni láti dín in kù. Kì í sì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti fi ìmọ̀ ara rẹ̀ dí ihò. Bí orí ẹni tó jókòó níwájú bá bo ìparí ìlà kan, ẹ kọ [kò hàn] síbẹ̀, kódà bó bá dá yín lójú pé ẹ mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ kò bá sì mọ ìpele ìlà kan, ẹ kọ [ìpele?] síwájú rẹ̀. Irú èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀ lórí síláìdì tó jẹ́ ìtẹ̀síwájú, níbi tí ìlà àkọ́kọ́ ti lè jẹ́ ọmọ tí òbí rẹ̀ kù sórí síláìdì tó ṣáájú. Ẹ wá fọ́tò tó ṣáájú yẹn jáde kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. Bí ẹ kò bá yà á, ẹnìkan nínú kíláàsì á ti yà á.