Òkèlè Òkèlè Ni A Ń Kó Tábìlì Ńlá

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bá lójú kọ̀ǹpútà láàárọ̀ ọjọ́ náà: `Killed`. Ètò tí mo ní kó máa kó àkọsílẹ̀ owó àwọn oníbàárà láti inú àká dátà àtijọ́ lọ sínú tuntun ti kú lóru. Tábìlì náà ní ìlà 40,000,000, ìlà kọ̀ọ̀kan sì tó kílóbáìtì kan, èyí tó mú gbogbo rẹ̀ sún mọ́ 40 gígábáìtì. Ìrántí kọ̀ǹpútà náà kò ju gígábáìtì 8 lọ. Èmi ni mo ní kó kó gbogbo ẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo wá gé e sí òkèlè, ìlà 5,000 lẹ́ẹ̀kan. Mẹ́gábáìtì 5 péré ló ń wà nínú ìrántí nígbàkigbà, ó sì di òkèlè 8,000.

Ṣùgbọ́n báwo ni ètò náà yóò ṣe mọ ibi tó dúró sí? `OFFSET` ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lò: fo ìlà 30,000,000, kí o fún mi ní 5,000 tó tẹ̀ lé e. Àká dátà kò lè fò bẹ́ẹ̀. Ó ní láti gba orí gbogbo ìlà wọ̀nyẹn kọjá kó tó dà wọ́n nù. Àwọn òkèlè ìbẹ̀rẹ̀ á yára, ìyẹn ló ń tan ni jẹ. Àwọn ti ìparí á máa wọ́ bí ìgbín. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé bí ẹnì kan bá pa ìlà kan rẹ́ lára àwọn tí a ti kó, gbogbo ìyókù á sún síwájú, ìlà kan á sì bọ́ láìsí ẹni tó mọ̀.

Nọ́ńbà ìlà tó gbẹ̀yìn ni kí a dì mú:

```sql
SELECT * FROM isanwo
WHERE id > 29995000
ORDER BY id
LIMIT 5000;
```

Nítorí pé `id` ní atọ́ka, bíi ti ẹ̀yìn ìwé, tààrà ni yóò lọ síbẹ̀. Nọ́ńbà náà kò gbọdọ̀ jọra láéláé. Bí a bá fi ọjọ́ rọ́pò rẹ̀, ìlà púpọ̀ lè ní ọjọ́ kan náà, òkèlè á parí láàárín wọn, a ó sì fo àwọn tó kù.

Mo ṣe tábìlì kékeré kan sínú àká tuntun láti tọ́jú nọ́ńbà yẹn. Bí a bá kọ nọ́ńbà ṣáájú, tí iná lọ kí ìlà tó wọlé, ìlà 5,000 ti sọnù. Bí a bá kọ ìlà ṣáájú, wọn á wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, méjèèjì gbọdọ̀ wà láàárín `BEGIN` àti `COMMIT` kan náà: bí ọ̀kan kò bá wọlé, èkejì náà kò ní wọlé.

Ọ̀nà yìí kò lè rí ìlà àtijọ́ tí wọ́n bá tún ṣe lẹ́yìn tí a ti kó o kọjá. A ní láti dá ìsanwó dúró ní wákàtí tó kẹ́yìn, ká ka ìlà ìhà méjèèjì, ká sì ro owó wọn pọ̀. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì lóru tí mo tún un ṣe. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àròpọ̀ ìhà méjèèjì dọ́gba.